Fáànù Tó Ń Gbọ́ Ti Yàrá

Nínú ilé ọ́fíìsì ńlá, ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Àpótí tó wà lókè àjà yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń pín in. Bí yàrá bá ti tutù tó, ìlẹ̀kùn inú àpótí á rọra padé, ṣùgbọ́n kò ní padé tán, nítorí èèyàn ń mí.

Fáànù wá ńkọ́? Bí ìwé ìlànà kò bá sọ ọ́, á máa tì í kíkankíkan, àwọn ìlẹ̀kùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padé á sì máa súfèé. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Ìlànà 36 ti ASHRAE ní kí agbára ìtì afẹ́fẹ́ máa dín ní páskáálì 12 ní ìṣẹ́jú 2-2, àyàfi bí ìlẹ̀kùn tó ju méjì lọ bá ṣí kọjá ìdá 95 nínú 100. Méjì àkọ́kọ́ kò ka nǹkan, kí àpótí kan tó bàjẹ́ má baà da gbogbo ilé láàmú.