Nígbà tí olùtajà bá di odi

Ká ní obìnrin kan ní Peckham ra ẹ̀rọ ìránṣọ lórí eBay. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò dé láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ 10 kọjá, kò rí ẹ̀rọ. Ó kọ̀wé sí olùtajà lẹ́ẹ̀mẹta, olùtajà di odi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á tún kọ ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ibẹ̀ gan-an ni ọjọ́ ti ń lọ, torí 30 ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ọjà yẹ kó dé ni àyè ẹjọ́ máa ń pa dé.

Kó wá ọjà náà nínú àkọsílẹ̀ ohun tó rà, kó tẹ "I didn't receive it". Bó bá ṣe é ní Ọjọ́rú, ọjọ́ iṣẹ́ 3 ni olùtajà ní láti dáhùn. Sátidé àti Ọjọ́ Àìkú kò sí níbẹ̀. Bí Ọjọ́ Ajé bá kọjá lásán, òun fúnra rẹ̀ ni kó padà wá sí ojú ìwé ẹjọ́ náà, kó ní kí eBay dá sí i.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà yìí ni odi máa ń là: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa ẹjọ́ yẹn, ọjà ti wà lọ́nà." Kó má pa á o. Ẹjọ́ tó bá ti pa, kò ní lè ṣí i mọ́. Kó béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù, kó sì wò ó bóyá àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ẹrù ń bọ̀.