Ọ̀rá Tó Kẹ́yìn Ló Gbé Èrè Pọ́ọ̀fù-Pọ́ọ̀fù Dání

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tà ló jẹ́ pé owó fúláwà, ṣúgà àti òróró nìkan ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó tí wọ́n pa. Wọn kì í ka gáàsì tó jó, wọn kì í ka ọ̀rá, èyí tí kò sì tà ti di oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìdín kan. Àpẹẹrẹ ni iye owó tí mo lò; iye ọjà àdúgbò yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Fúláwà kílò kan jẹ́ 1,500 náírà, ṣúgà 450, yíìsì, iyọ̀ àti nọ́tímẹ̀gì 300. Òróró tó bá ìdín náà lọ jẹ́ 750, gáàsì 350, ọ̀rá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,650. Bí ìdín náà bá mú ọgọ́ta jáde, tí a ń di mẹ́rin mẹ́rin sínú ọ̀rá ní 400 náírà, gbogbo rẹ̀ yóò pa 6,000. Èrè 2,350 nìyẹn, bí ọ̀kankan kò bá ṣẹ́ kù.

Òróró àti gáàsì ló máa ń rú ìṣirò yìí lójú. Tí òróró bá ti tutù, ẹ sẹ́ ẹ padà sínú ìgò: ohun tó dín ni ẹ lò. Bó bá dín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ṣeé ṣe kí òróró má tíì gbóná tó nígbà tí ẹ ju pọ́ọ̀fù sí i, tó sì mu ún sínú. Ní ti gáàsì, ẹ wọn sílíńdà kí ẹ tó dáná, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìdín.

Wàyí o, ọ̀rá mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ pa 3,600, kò tíì kó ojú owó wọlé. Ìkẹwàá ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú èrè wá. Nítorí náà, bí ọ̀rá mẹ́rin bá ṣẹ́ kù, èrè ti wálẹ̀ sí 750. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, a ti pàdánù 50 náírà, a ò sì tíì san owó iṣẹ́ fún ara wa. Pọ́ọ̀fù kò dà bí ṣin-ṣin tó ṣeé fi pamọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti le.

Bí ọ̀rá mẹ́wàá bá ni àwọn oníbàárà yín sábà máa ń rà, ẹ po ìdá méjì nínú mẹ́ta fúláwà náà. Yóò ná yín tó nǹkan bíi 2,500, torí gáàsì kì í dín tó fúláwà. Ẹ ó pa 4,000, ẹ ó sì jèrè 1,500. Ẹni tó po kílò kan, tó ta mẹ́wàá, 350 péré ló rí. Bó bá ti kù lálẹ́, ẹ tà á ní ẹ̀dínwó, owó rẹ̀ kúkú ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lójoojúmọ́, kí oníbàárà má baà máa dúró de alẹ́.