Fóònù Dún, Aago Ọwọ́ Dákẹ́

Ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ ìgbàlódé tí à ń rà lọ́jà kò mọ WhatsApp rí. Wọn kò ní síìmù, wọn kò ní détà, wọn kò sì lè dá lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí fóònù ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń balẹ̀ sí. Fóònù á gbé ìfitónilétí jáde, áàpù aago tí a gbé sórí fóònù á ka ìfitónilétí náà, á sì fi Bluetooth tì í dé ọrùn ọwọ́ wa. Alárinà ni áàpù yìí. Bí wọ́n bá dí alárinà létí, tàbí tí wọ́n bá gbé e sùn, fóònù á máa dún nínú báàgì, aago kò ní mira.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí tó dá aago padà fún ẹni tó tà á, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: ìgbà wo ni aago dákẹ́? Bí kò bá tíì gbé àtẹ̀jíṣẹ́ kankan wá láti ọjọ́ tí a ti rà á, àṣẹ kan wà tí áàpù rẹ̀ kò tíì rí gbà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí a ń lo fóònù lọ́wọ́, tó wá dákẹ́ lẹ́yìn tí fóònù ti wà nílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò bátìrì ni ká lọ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta ańkárá ní Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi WhatsApp béèrè ọjà, inú báàgì sì ni fóònù rẹ̀ máa ń wà bó bá ń wọn aṣọ. Android 13 ló wà lórí fóònù náà. Nínú páálí aago tó rà, ó rí àwòrán aláàmì dúdú àti funfun. Ó fi kámẹ́rà fóònù wò ó, ojú ewé kan ṣí, ó sì gba áàpù láti ibẹ̀ láìgba Play Store kọjá. Aago mọ aago tó lù, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pè é, aago mì, orúkọ ẹni tó ń pè hàn. Àmọ́ kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ṣoṣo tó wá.

Ìpè ń wá, WhatsApp kò wá, nítorí pé àṣẹ tí wọ́n nílò kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣí áàpù, ó béèrè àṣẹ Phone, Contacts àti Call logs, ó sì tẹ "Allow" sí gbogbo wọn. Àwọn yẹn ló ń gbé ìpè lọ sórí aago. (Bí nọ́ńbà lásán bá ń hàn dípò orúkọ, Contacts ni a kò yọ̀ǹda.) Àṣẹ láti ka ìfitónilétí áàpù mìíràn kì í sí nínú àpótí kékeré tó ń yọ sójú báyìí. A ní láti lọ bá a níbi tó wà: Settings, lẹ́yìn náà Apps, lẹ́yìn náà "Special app access", lẹ́yìn náà "Notification access". Lórí àwọn fóònù kan, "Device & app notifications" ni wọ́n pè é. Láti ọdún 2013 ni Android ti ní àṣẹ yìí, wọ́n sì fi í pamọ́ síbẹ̀ nítorí pé ó wúwo. Áàpù tó bá gbà á lè ka ìfitónilétí tó bá yọ lórí fóònù wa, ó sì lè kan kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́.

Obìnrin wa dé ibẹ̀, ó rí orúkọ áàpù aago, ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ìkìlọ̀ kan yọ: "Restricted setting". Àìmọye ènìyàn ló ń dúró níbí, tí wọ́n á ní aago náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Láti Android 13, tó jáde ní 2022, fóònù kì í sábà jẹ́ kí áàpù tí a gbà láti ìta Play Store gba àṣẹ yìí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá fọkàn tán áàpù náà, ká tẹ orúkọ rẹ̀ kí ìkìlọ̀ yẹn kọ́kọ́ yọ, ká sọ pé a ti gbọ́, ká wá padà sí Apps, ká ṣí ojú ewé áàpù aago, ká tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ká yan "Allow restricted settings". Lẹ́yìn èyí, bàìbàì yẹn á kúrò nígbà tí a bá padà sí "Notification access". Bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lábẹ́ àmì tóótòòtó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a kò tíì lọ tẹ orúkọ náà kí ìkìlọ̀ yọ.

Tèmi ni pé kó má gba ọ̀nà yẹn. Kí ó yọ áàpù náà kúrò, kí ó lọ wá èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Play Store, nítorí pé ìdènà yẹn kì í sábà bá áàpù tó ti ibẹ̀ wá jà. Bí kò bá sí ní Play Store rárá, kí ó rò ó dáadáa kó tó jẹ́ kí àjèjì máa ka kóòdù báńkì rẹ̀.

Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ rẹ̀ wọlé sórí aago, ti àwọn oníbàárà kò sì wọlé. Ohun tó fa èyí kò ṣòro. Orí WhatsApp lásán rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń kọ̀wé sí, orí WhatsApp Business rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń kọ̀wé sí, lójú fóònù, áàpù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Nínú áàpù aago fúnra rẹ̀, àkójọ kan máa ń wà tí a ti ń yan àwọn tí a fẹ́ kí ìfitónilétí wọn máa wá. Àwọn kan á kọ WhatsApp síbẹ̀, wọn kò ní kọ WhatsApp Business. Ká wá ibi tí wọ́n kọ "Others" sí nísàlẹ̀ àkójọ náà, ká tàn án. Bí ìfitónilétí kò bá sì yọ lórí fóònù gan-an, bóyá nítorí pé a ti pa Notifications lórí WhatsApp Business, alárinà kò ní ohun tó máa gbé.

Gbogbo rẹ̀ wá dáa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aago dákẹ́, fóònù sì kún fún àtẹ̀jíṣẹ́. Nígbà tó ṣí áàpù aago láti wò ó, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí aago fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àmì bátìrì nìyẹn.

Láti Android 6, ní 2015, bí fóònù bá wà nílẹ̀ láìmira, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí kò sì sí lórí ṣáájì, ó máa ń dín iṣẹ́ àwọn áàpù kù. Ètò yìí kò le jù. Àwọn tó ń ṣe fóònù ló fi tiwọn kún un, tiwọn ló sì ń pa áàpù pátápátá kí bátìrì lè pẹ́. WhatsApp kì í sábà kú sínú rẹ̀, nítorí pé Google ní ọ̀nà kan tó fi ń jí i bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé. Áàpù aago kò ní ẹni tó ń jí i. Bí wọ́n bá ti pa á, fóònù á dún, kò ní sí ẹni tó máa gbé ìró náà lọ.

Ká ṣí ojú ewé áàpù aago nínú Settings, ká wá Battery, ká yan "Unrestricted" dípò "Optimized" tàbí "Restricted". Áàpù aago nìkan ni ká ṣe é fún. WhatsApp kò nílò rẹ̀. Lórí Samsung, ká tún wo "Background usage limits": áàpù tó bá wà nínú "Deep sleeping apps" kì í ṣiṣẹ́ àfi tí a bá ṣí i, nítorí náà inú "Never sleeping apps" ni ká fi tiwa sí. Lórí Xiaomi, Tecno àti Infinix, ká wá Autostart, ká tàn án fún áàpù aago. Ètò yẹn ló ń pinnu bóyá áàpù á dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù bá kú tó sì tún tàn. Níbi tí iná ọba ti ń lọ bó ṣe wù ú, tí fóònù ń kú lálẹ́, ẹni tí kò bá tan Autostart á rí i pé aago òun ń dákẹ́ láràárọ̀ tí iná kò bá sí lóru.

Ohun kan tún wà tí a máa ń fọwọ́ ara wa ṣe. A máa ń tẹ bọ́tìnnì tó ń kó àwọn áàpù tí a ti ṣí jọ, ká wá pa gbogbo wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí a gbà pé ìyẹn ń jẹ́ kí fóònù yá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, alárinà bá wọn lọ. Bí àmì àgádágodo bá wà lórí àwòrán áàpù níbẹ̀, ká tẹ̀ ẹ́ kí ó lè dúró.

Bí a bá fẹ́ dán àtúnṣe wò, kí fóònù má wà lórí ṣáájì, nítorí ètò ìdínkù yẹn kì í ṣiṣẹ́ nígbà náà, a ó kàn máa tan ara wa jẹ. Ká pa ojú fóònù, ká gbé e sílẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, ká wá ní kí ẹnì kan kọ̀wé sí wa. Ká má sì jẹ́ kí ojú ewé ọ̀rọ̀ ẹni náà ṣí sílẹ̀ lórí fóònù, nítorí pé WhatsApp kì í gbé ìfitónilétí jáde fún ọ̀rọ̀ tí a ń kà lọ́wọ́. Bí gbogbo àṣẹ bá pé tí aago kò sì gbé nǹkan kan, pàápàá lẹ́yìn tí áàpù aago ti gba àtúnṣe tuntun, ká padà sí "Notification access", ká pa bọ́tìnnì rẹ̀, ká tún tàn án. Nígbà mìíràn bọ́tìnnì náà á hàn bí ẹni pé ó tàn, nígbà tí fóònù ti já okùn tó so áàpù náà mọ́ ìfitónilétí.

Ẹni tó ń lo iPhone pẹ̀lú aago tí kì í ṣe ti Apple kò ní ìṣòro "Notification access" yìí. Kí ó lọ sí Bluetooth nínú Settings, kí ó tẹ àmì "i" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aago, kí ó tan "Share System Notifications". Ẹni tó ń lo Apple Watch ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí iPhone bá wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀, orí iPhone ni ìfitónilétí máa dúró sí. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Láti Android 15, tó jáde ní 2024, fóònù tún ń bo kóòdù ìgbà kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ áàpù tó ń ka ìfitónilétí. Bí kóòdù báńkì bá dé, ohun tí aago á gbé jáde lè jẹ́ "Sensitive notification content hidden" dípò nọ́ńbà náà. Ẹ má ṣe wá ọ̀nà láti pa ìdáàbòbò yẹn. Ẹ mú fóònù jáde, kí ẹ ka kóòdù náà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ta aago náà tàbí fi tọrẹ, ẹ pa "Notification access" áàpù rẹ̀ kí ẹ tó yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù.