Nígbà tí Ọkọ Di Ọkọ̀ Lórí Rédíò

Àbúrò ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó fẹ́ polówó ọjà rẹ̀ lórí rédíò, ó sanwó fún sítúdíò kan kí wọ́n ṣe orin ìpolówó fún un, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pè ní jíńgù. Orin náà dùn, ìlù rẹ̀ sì ń mú ni jó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó gbé e ró: "Ọkọ mi tún bù sí i."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀. "Ìyá Elélùbọ́, ṣé ọkọ̀ yín náà ń jẹ àmàlà ni?" Inú àǹtí mi kò dùn, nítorí owó tí ó san fún ilé iṣẹ́ rédíò kì í ṣe kékeré. Ó ránṣẹ́ pè mí. "Ìwọ tí o ka ìwé Yorùbá, wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a fi dò, re, mí tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wò ó. "Ọkọ mi" jẹ́ re re re. Ohùn orin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí sílébù kejì, ó sì tún gòkè lórí ẹ̀kẹta: re dò re. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ ìyẹn kí ó má gbọ́ "ọkọ̀ mi." Bí ó bá jẹ́ pé ó gòkè ni, ọkọ́ tí a fi ń roko ni ìbá dà. Kò tán síbẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì ni wọ́n fún ní "ọkọ mi" láti kọ!

Ohun tí ó fa àṣìṣe náà kò ṣòro láti rí. Orí kíbọ́ọ̀dù ni akọrin náà ti kọ́kọ́ ṣe ohùn orin, lẹ́yìn náà ni ó wá ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó.

A yí ètò náà padà. Mo ní kí àǹtí mi sọ gbólóhùn náà bí ìgbà tí ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì gbà á sórí fóònù. Onígángan kan gbọ́ ọ, ó sì fi ìlù sọ ọ́: re re re mí dò mí re. Ọ̀rọ̀ "bù" nìkan ni ó dò, ibẹ̀ sì ni ìlù ti rọra yọ̀ wálẹ̀ láti orí "tún" gẹ́gẹ́ bí ẹnu ti ń ṣe. Akọrin náà ráhùn pé re mẹ́ta léraléra yóò sú ènìyàn. Ó jàre díẹ̀. A kò fọwọ́ kan ohùn, a kàn yára pe "ọkọ," a wá fa "mi" gùn, ni orin bá jí. Kò pọn dandan kí orin tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ní gbogbo ibi. Níbi tí ìtumọ̀ kò ti lè yí padà, a fún akọrin ní àyè. Obìnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni ó kọ ọ́.

Kí a tó gbà pé ó tán, a gbé e kúrò lórí gbohùngbohùn ńlá sítúdíò. A fi í sínú rédíò kékeré kan, a gbé rédíò náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Gbogbo ìró kíbọ́ọ̀dù tí ó wà nísàlẹ̀ pòórá, nítorí rédíò kékeré kò lè gbé ìró tí ó kì bẹ́ẹ̀ jáde. Gángan àti ohùn obìnrin náà nìkan ni ó ṣẹ́ kù, nítorí náà a yọ ìyókù kúrò.

Ohùn ìpè fóònù ni ó gbẹ̀yìn: gángan nìkan, láìsí ọ̀rọ̀. Àǹtí mi fẹ́ lò ó lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí ó fara balẹ̀. Ìró ni gángan ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Re re re mí dò mí re lè jẹ́ gbólóhùn mìíràn lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n gbọ́ gángan lórí Rédíò Nàìjíríà mọ ohun tí ó dúró fún nítorí pé wọ́n ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Oṣù méjì ni obìnrin náà fi kọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ kí a tó jẹ́ kí ìlù dá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ kékeré kan tí ó wá ra kọ́ńgò èlùbọ́ kan gbè é: "Ọkọ mi tún bù sí i." Ọkọ àǹtí mi, tí ó ń jẹun lọ́wọ́ nínú yàrá, gbójú sókè.