Ohun Tí A Lè Kọ Dípò “Please find attached”

Ẹni tó bá ṣí àpótí ímeèlì òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò ní pẹ́ kó tó pàdé gbólóhùn yìí: “Please find attached.” Òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ ọ́, òṣìṣẹ́ báńkì ń kọ ọ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ náà ń fi í ṣíwájú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn kan a fi “kindly” rọ́pò “please”, àwọn kan a fi “herewith” kún un, àwọn tí ọwọ́ wọn dí a sì gé e kúrú sí “PFA”. Gbólóhùn náà kò lòdì sí òfin gírámà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gba ojú ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ímeèlì, síbẹ̀ kò sọ fún ẹni tó ń kà á pé kí ló wà nínú fáìlì, tàbí kí ló yẹ kó fi ṣe.

Ó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ímeèlì tó dé. Láyé tó jẹ́ pé inú àpòòwé ni gbogbo lẹ́tà ń gbà lọ, “Enclosed please find” ni àwọn akọ̀wé oníṣòwò máa ń kọ, kí ẹni tó gba lẹ́tà lè mọ̀ pé sọ̀wédowó tàbí rìsíìtì ṣì wà nínú àpòòwé náà, kó má bàa jù ú nù. Ó wúlò nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn kan kò dùn sí i. Ní ọdún 1880, Richard Grant White, lámèyítọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bẹnu àtẹ́ lù ú gidigidi nínú ìwé tó kọ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọdún 1992. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà, Nathaniel Borenstein tó ń ṣiṣẹ́ ní Bellcore fi ímeèlì kan ránṣẹ́, ó sì so àwòrán àti orin ẹgbẹ́ akọrin tí òun náà wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ìlànà tí òun àti Ned Freed jọ gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MIME, ló jẹ́ kí a lè máa so fáìlì mọ́ ímeèlì bí a ṣe ń ṣe lónìí. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń fi orúkọ fáìlì àti bó ṣe tóbi tó hàn. Kò sí ohun tí ẹni tó gbà á tún ní láti wá.

Ibi tí gbólóhùn àtijọ́ yìí ti ń pa iṣẹ́ lára jù ni ojú fóònù. Bí ímeèlì bá wọlé, ohun tí fóònù máa ń fi hàn ni orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, àkọlé rẹ̀, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ara ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn pinnu bóyá kí àwọn ṣí i báyìí tàbí kó di ìrọ̀lẹ́.

Ká ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí, ń bá ilé ìwé kan tẹ ìwé ètò ayẹyẹ ìfúnni-lẹ́bùn. Akọ̀wé ilé ìtẹ̀wé náà kọ̀wé sí akápò ilé ìwé ní ọjọ́ Ajé pé:

“Good morning, Ma. Please find attached for your perusal and necessary action. Thank you.”

Fáìlì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, “scan0003.pdf” àti “Document1.docx”. Akápò rí i lórí fóònù bó ti ń lọ sí ìpàdé. Ó ṣí èyí àkọ́kọ́, ó rí i pé owó tí wọ́n máa san ni, ó sì pinnu láti fún ọ̀gá rẹ̀ rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò ṣí èkejì. Inú èkejì yẹn sì ni àpẹẹrẹ èèpo ẹ̀yìn ìwé wà, pẹ̀lú orúkọ àwọn àlejò pàtàkì tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́bọ̀, onítẹ̀wé ń dúró de èsì, akápò ń dúró de ìwé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kejì ń retí òun.

Ká wá ní báyìí ló kọ ọ́:

“Good morning, Ma. I have attached our invoice for 500 programmes (₦375,000) and the cover sample. Please check the guests’ names on the cover and reply by noon on Wednesday, so that we can print on Thursday.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n akápò ti mọ iye owó kó tó ṣí fáìlì kankan, ó mọ èyí tó nílò ojú rẹ̀ kíákíá, ó mọ ọjọ́ àti ìdí. Bí akọ̀wé náà bá tún yí orúkọ fáìlì padà sí “Invoice-500-programmes.pdf” àti “Cover-sample.docx”, akápò yóò rí wọn lóṣù mẹ́ta sí i láìwá ímeèlì náà kiri.

“I have attached” bá ọ̀pọ̀ ímeèlì ojoojúmọ́ mu. Láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́, “Here is the March report” ti tó. “Attached are the two receipts” náà dára, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ṣọ́ra kó má kọ “is” síbi tí fáìlì ti ju ẹyọ kan lọ. “Please see attached” ni ọ̀pọ̀ máa ń sá lọ bá, ṣùgbọ́n tí a kò bá dárúkọ ohun tó yẹ kí wọ́n wò, kò sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀gá lè ka ọ̀rọ̀ tààrà sí àrífín. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe lásán ní ọ́fíìsì wa. Ṣùgbọ́n “Sir”, “Ma” àti ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú lẹ́tà ló ń gbé ọ̀wọ̀ ró. “Good morning, Sir. I have attached the February report for your approval” kò tàbùkù ọ̀gá kankan. Níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba tàbí agbẹjọ́rò bá ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi dandan lé pé kí a gbà kọ lẹ́tà, kí a kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, kí a sì dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a sá fún “attached” pátápátá. Gmail àti Outlook máa ń kìlọ̀ bí a bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a sì gbàgbé láti so fáìlì. Ẹni tó kọ “Here is the report” lè má rí ìkìlọ̀ náà. Nítorí náà, ó sàn kó kọ́kọ́ so fáìlì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀.

Bí fáìlì bá ju 25 MB lọ, Gmail kò ní í so ó mọ́ ímeèlì. Yóò gbé e sí Google Drive, yóò sì fi líǹkì rọ́pò rẹ̀. Nígbà yẹn, “attached” kì í ṣe òótọ́ mọ́. “This link opens the site photographs” ló yẹ kó kọ. Kó tó fi í ránṣẹ́, kó ṣí líǹkì náà ní fèrèsé tí kò ti wọlé sí àkáǹtì rẹ̀. Bó bá ní kó wọlé tàbí kó tọrọ àyè, ohun tí ẹni tí kò fún ní àyè yóò bá pàdé nìyẹn, kó sì tún àyè rẹ̀ ṣe kó tó tẹ “Send”.