Ọwọ́ Irin tó Mọ Ìtẹ̀: Bí Róbọ́ọ̀tì Ṣe Ń Gbé Ẹyin tí Kò sì Fọ́

Ẹyin adìyẹ tó mọ níwọ̀n wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 60. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, kò tó ìdajì mìlímítà, síbẹ̀ bí a bá ki ẹyin sáàárín irin pẹrẹsẹ méjì tí a ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó máa ń gba tó kílò mẹ́ta kó tó sán. Ẹyin le ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Kí ló wá dé tí ọwọ́ róbọ́ọ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà, tí wọ́n sì ń tò fúnra wọn, fi ń fọ́ ẹyin wómúwómú nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dán an wò?

Mọ́tọ̀ tó ń pa ìka méjèèjì dé ni ká bi. Ibi tí yóò dúró sí nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún un, wọn kì í sọ bí yóò ṣe tẹ nǹkan tó. Bí wọ́n bá ní kó yí dé dígírì 70, dígírì 70 ni yóò máa lé, ì báà jẹ́ ẹyin ló wà láàárín, ì báà jẹ́ òkúta. Mọ́tọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, DS3218 lorúkọ rẹ̀. Ó lè fi agbára kílò 20 ti nǹkan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà kan sí ìdí rẹ̀. Bí ìka bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, agbára yẹn yóò dín kù sí kílò 4 lórí ìka, èyí sì ti kọjá ohun tí ẹyin lè gbà. Ẹyin inú kréètì kan náà kì í sì í dọ́gba: ọ̀kan lè fi mìlímítà mẹ́ta fẹ̀ ju èkejì lọ. Dígírì tó bá ẹyin kékeré mu ni yóò fọ́ èyí tó tóbi, èyí tó bá ńlá mu ni yóò sì jẹ́ kí kékeré já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹyin ń fẹ́ gan-an. Ìka méjì ló máa gbé gíráàmù 60 náà, gíráàmù 30 kan ìkọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ìfarakanra rọ́bà àti èèpo ni kò jẹ́ kó yọ̀. Bí ìfarakanra yẹn bá mú tó ìdajì ohun tí a fi tẹ̀ ẹ́, ìka kọ̀ọ̀kan ní láti fi gíráàmù 60 tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró. Nítorí pé apá róbọ́ọ̀tì máa ń gbọ̀n bó bá ń lọ sókè, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di gíráàmù 150. Láti 150 dé 3,000 tí ẹyin ti ń fọ́, àyè gbalasa ló wà níbẹ̀.

Àyè náà tóbi lórí ìwé, ó há lọ́wọ́ irin. Kí èèpo ẹyin tó sán, kì í tẹ̀ wọlé ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin mìlímítà kan lọ. Bí mọ́tọ̀ bá sì yí dígírì kan péré, orí ìka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ti sún tó mìlímítà kan. Ìyẹn ni pé ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lè gbé ìka láti ibi tí kò tíì kan ẹyin rárá dé ibi tí ẹyin ti fọ́. Sẹ́nsọ̀ yòówù kó wà níbẹ̀, ẹyin á ti fọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á ra sẹ́nsọ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ẹyin á tún fọ́, wọ́n á wá sọ pé sẹ́nsọ̀ náà ni kò dáa.

Fóòmù ni oògùn rẹ̀. Bí fóòmù tó rọ̀, tó nípọn tó mìlímítà 5, bá wà lórí ìka, òun ni yóò máa tẹ̀ wọlé dípò èèpo. Ìtẹ̀ kò ní fò sókè lójijì mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè, sẹ́nsọ̀ yóò sì ráyè rí i.

Sẹ́nsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù fún irú iṣẹ́ yìí ni FSR 402, ohun pẹlẹbẹ roboto tó tóbi tó owó ẹyọ, tó ní ẹsẹ̀ méjì. Bí nǹkan kan kò bá tẹ̀ ẹ́, iná kì í fẹ́ kọjá nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí i ni ọ̀nà ń là fún iná. Wọ́n máa ń so ó pọ̀ mọ́ rẹsísítọ̀ 10,000 óòmù, bọ́ọ̀dù Arduino a sì máa ka ohun tó bá jáde sí nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe gíráàmù o. Ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ tẹ́ ìka náà sílẹ̀, kó gbé ife kékeré lé e, kó máa bu omi sí i títí ife àtomi yóò fi wọn gíráàmù 50, 100, 150, 200, kó sì máa kọ nọ́ńbà tó bá rí nígbà kọ̀ọ̀kan. Yóò rí i pé nọ́ńbà náà ń sáré níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń rọra lọ lẹ́yìn náà. Sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Nọ́ńbà tọ̀tún kò ṣeé lò fún tòsì.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó tún ṣe pàtàkì. Láàárín sẹ́nsọ̀ àti fóòmù, ègé rọ́bà líle roboto tó kéré díẹ̀ sí ojú sẹ́nsọ̀ gbọ́dọ̀ wà, fóòmù yóò sì lẹ̀ mọ́ rọ́bà yẹn nìkan. Bí etí fóòmù bá lẹ̀ mọ́ irin, ìtẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, sẹ́nsọ̀ yóò máa sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí ẹyin ń ké gbàjarè.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ ètò kọ̀ǹpútà. Ìka á ya gbàgà, ètò á ka sẹ́nsọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kó lè mọ nọ́ńbà òfo. Ìka á wá máa pa dé díẹ̀díẹ̀, á sì máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí fóòmù lè fara balẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti dé ti gíráàmù 150 lórí ìka méjèèjì, mọ́tọ̀ á dúró síbẹ̀. Apá á gbé ẹyin sókè sẹ̀ǹtímítà kan, á dúró, á tún ka sẹ́nsọ̀. Bí ìtẹ̀ bá ti jálẹ̀, ẹyin ti ń yọ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nọ́ńbà á máa fò sókè sódò bí mọ́tọ̀ bá ti ń yí, nígbà tí ìka kò kan nǹkan kan. Iná ló fà á: mọ́tọ̀ àti bọ́ọ̀dù ń pín orísun kan. Bátìrì ọ̀tọ̀ ni kí mọ́tọ̀ ní, kí wáyà ilẹ̀ wọn ṣáà pàdé.

Ẹyin sísè ló dára jù láti fi ṣe ìdánwò, torí bó bá fọ́ kò ní da nǹkan rú. Bí wọ́n bá dé orí tútù, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tàn án nínú òkùnkùn bí àwọn olóko adìyẹ ṣe ń ṣe. Èèpo tó sán láìjò yóò fi ìlà tín-ín-rín hàn.

Ohun tí FSR kò lè ṣe ni kó mọ̀ pé ẹyin ń yọ̀ kó tó yọ̀ tán. Ìka ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ní 1984, Roland Johansson àti Göran Westling ní Yunifásítì Umeå, lórílẹ̀-èdè Swídìn, ní kí àwọn èèyàn fi ìka méjì gbé nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pààrọ̀ ojú rẹ̀, láti orí sáńdípépà dé orí ṣẹ́dà. Ìka wọn fúnra rẹ̀ ń tẹ èyí tó ń yọ̀ le ju èyí tó gbópọn lọ, wọn kò sì ní láti ronú sí i. Nígbà tí wọ́n fi oògùn pa ìka náà kú, ọgbọ́n yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, tí omi ti sẹ̀ sára rẹ̀, ṣì lè já mọ́ róbọ́ọ̀tì yìí lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ọ̀nà yìí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Cornell àti Yunifásítì Chicago fi kọfí lílọ̀ sínú báálúùnù, wọ́n fi lé ẹyin tútù lórí, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ó gan, ó sì gbé ẹyin náà láìsí sẹ́nsọ̀ kankan. Ní ilé iṣẹ́ ńláńlá pàápàá, rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹyin kréètì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka onísẹ́nsọ̀ wúlò jù níbi tí ẹyin, tòmátì àti ife gíláàsì bá ti ń tẹ̀ lé ara wọn lórí tábìlì kan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì tó ra méjèèjì, fóòmù ni kó kọ́kọ́ rà.