Ibi Tí Olóòtú Ti Ń Dákẹ́ fún Ògbufọ̀

Bí ikọ̀ oníṣòwò bá ti Ṣáínà wá sí Èkó, tí wọ́n gbé máìkì fún olóòtú ètò pé kó fi àwọn àlejò han àwùjọ, kó tètè mọ̀ pé ìdajì àkókò náà kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ìgbà tó bá dákẹ́ ni ògbufọ̀ tó ń sọ èdè Mandaríìnì tó lanu. Oríkì àti àdúrà gígùn ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ kúrò.

Ibi tó ti yẹ kó dákẹ́ gan-an ló gba ọgbọ́n. Ká ní ó sọ pé: “Inú wa dùn láti kí Ọ̀gá Làgbájá tó ti Guangzhou wá, tí ilé-iṣẹ́ wọn ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n fẹ́ bá wa dá ilé-iṣẹ́ gààrí sílẹ̀ n'Ìbàdàn.” Ní Mandaríìnì, irú àlàyé báyìí ló máa ń ṣáájú, kí orúkọ ẹni tí à ń ṣàlàyé tó dé. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ sọ́kàn títí dé ìparí, kó sì tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Kò níí yani lẹ́nu bó bá gbàgbé ẹ̀gẹ́.

Ẹ wò ó bí wọ́n bá gé e: “Ọ̀gá Làgbájá ló ṣáájú ikọ̀ yìí.” Kó dákẹ́. “Guangzhou ni wọ́n ti wá.” Kó dákẹ́. “Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń ṣe.” Àmọ́ kò gbọdọ̀ dúró sórí “Bí a bá fọwọ́ sí ìwé lónìí…”, torí ògbufọ̀ ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Kó máa wo bírò ọwọ́ rẹ̀: bó bá ṣì ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù fún un.

Owó ló léwu jù. Àwọn ará Ṣáínà kì í fi mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù ka nǹkan. Ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, ni wọ́n ń pè ní wàn. 100,000,000 sì ni yì. Nítorí náà, bílíọ̀nù méjì náírà di ogún yì lẹ́nu ògbufọ̀, ìṣirò ojú ẹsẹ̀ sì lè já òdo kan bọ́. Kí olóòtú kọ iye náà sínú ìwé, pẹ̀lú gbogbo òdo rẹ̀, kó fún un kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn náà ni kó béèrè orúkọ. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn: Xi ni ti Ààrẹ Xi Jinping. Àmọ́ àwọn mìíràn ti yí tiwọn padà sórí káàdì nítorí àjèjì, nítorí náà ògbufọ̀ ni kó bi, kó má méfò.